Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ sí Fọ́ọ̀mù Ilẹ̀ fún Ìbátan Tí Ó Wà ní Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí kan ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ wà ní òkè òkun, tí ó fi owó ránṣẹ́ wálé láti ra ilẹ̀, tí ó sì bẹ ẹni tí ó wà nílé pé kí ó bá òun parí ìwé ilẹ̀ náà lọ́dọ̀ ìjọba. Owó ti dé, ẹni tí ó ta ilẹ̀ ti gbà á, gbogbo ẹbí sì ti dúpẹ́. Ohun tí ó kù ni fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù yìí ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di alárìnkiri láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Òun náà ni ó sì lè mú kí ilẹ̀ ẹnìkan di ti ẹlòmíràn nínú ìwé ìjọba, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète olè.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáradára. Ká sọ pé tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń gbé ní Ìkòròdú, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò yìí ra pulọ́ọ̀tì kan ní Ìkòròdú, 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní gígùn, lọ́wọ́ bàbá kan tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fún ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ náà láti ìgbà pípẹ́, ìwé tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sí-ọf-Ó. Níwọ̀n bí ilẹ̀ náà ti ní ìwé yìí tẹ́lẹ̀, kì í ṣe Sí-ọf-Ó tuntun ni àbúrò yóò béèrè. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ní abala 22, sọ pé ẹni tí ó ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn bí Gómìnà kò bá yọ̀ǹda. Abala 26 sì sọ pé ohun tí a bá ṣe lòdì sí òfin náà di asán. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń wá ni ìyọ̀ǹda Gómìnà lórí ìwé ìtalẹ̀ tí olùtà ṣe fún olùrà, kí a sì forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní Aláùsá, ní Ìkẹjà. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè rẹ̀ ní Èkó ni Fọ́ọ̀mù 1C. Ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà ni yóò fọwọ́ sí i, a ó sì búra sí i níwájú adájọ́ májísíréètì, tàbí nọ́tárì, tàbí ẹni tí ìjọba fi ṣe adájọ́ àlàáfíà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ wa mìíràn, orúkọ fọ́ọ̀mù lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa aṣojú kan náà ni wọn yóò béèrè.

Ẹni tí ó tà wà nílé. Ẹni tí ó rà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn. Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n ti wọ inú ọ̀rọ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n lọ sí Aláùsá, lẹ́tà kan ni ó mú lọ. Àbúrò ni ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Lẹ́tà náà dùn ún kà: ó sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni, pé òun fọkàn tán wọn, pé ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, òun ni ó ṣe é. Òṣìṣẹ́ tí ó wà lórí tábìlì kà á tán, ó dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Lẹ́tà ni èyí. Ìwé aṣojú ni ẹ óò mú wá, kí ó sì jẹ́ ojúlówó rẹ̀." Inú bí ẹ̀gbọ́n díẹ̀, nítorí ó rò pé wọ́n ń wá rìbá ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin àtijọ́ ni òṣìṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé, òfin tí àwọn ilé ẹjọ́ wa sì ti gbé ró láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé onédìdì ní orúkọ ẹlòmíràn, ìwé onédìdì ni a gbọdọ̀ fi yan òun náà. Ìwé ìtalẹ̀ jẹ́ ìwé onédìdì. Lẹ́tà kì í ṣe é, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn bí oyin.

Ìwé tí òṣìṣẹ́ náà ń béèrè ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní páwà ọf atọ́nì. Ohun tí ìwé yìí ń ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń yá ẹni tí ó jìnnà ní ọwọ́ ẹni tí ó wà nítòsí. Ọwọ́ nìkan ni ó yá a. Kò gbé ilẹ̀ fún aṣojú, kò sì sọ ọ́ di onílẹ̀ ìdajì. Ní ọdún 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba pé ìwé aṣojú kì í gbé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnìkan lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àṣẹ láti ṣe iṣẹ́ kan dípò ẹni tí ó yanni ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdí gbogbo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó ni ọwọ́ gan-an ni ó yá a jáde, iṣẹ́ wo ni ó ní kí ọwọ́ náà ṣe, àti bóyá yíyá náà ṣì dúró lónìí.

Ìwé kejì tí àbúrò fi ránṣẹ́ jẹ́ èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a rí, ìwé títẹ̀ tí a fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti kọ orúkọ. Ó sọ pé aṣojú lè "bójú tó gbogbo dúkìá mi ní Nàìjíríà, kí ó gba owó ilé, kí ó sì ta èyí tí ó bá yẹ." Ẹ wò ó bí ìwé kan ṣe lè pọ̀ jù kí ó sì kéré jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún ẹ̀gbọ́n ní àṣẹ láti tà, èyí tí kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa rírà, kò mẹ́nu kan fífọwọ́ sí ìwé ìtalẹ̀, kò mẹ́nu kan fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda. Ilé ẹjọ́ kì í na ìwé aṣojú gùn. Bí a ti kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kà á. Àṣẹ tí a kò kọ sílẹ̀, wọn kì í sábà gbà pé a fi fúnni. Bí a bá sì ka iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, tí a wá fi "àti ohunkóhun mìíràn" parí rẹ̀, ohun tí ó bá jọ mẹ́ta tí a kà ni wọn yóò gbà pé "ohunkóhun" náà jẹ́. Nítorí náà òṣìṣẹ́ tí ó dá ìwé yìí padà kò ṣe àṣejù.

Agbẹjọ́rò kan ní Ìkòròdú ni ó wá bá wọn kọ èyí tí ó yẹ, ojú ìwé méjì péré. Ó kọ orúkọ àbúrò ní kíkún àti ibi tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àdírẹ́sì rẹ̀. Ó ṣe àpèjúwe ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àwòrán tí sàfíyọ̀ yà, pẹ̀lú nọ́ńbà àwòrán náà, kì í ṣe "ilẹ̀ mi tí ó wà lẹ́bàá ilé epo." Lẹ́yìn náà ni ó ka iṣẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: láti fọwọ́ sí ìwé ìtalẹ̀ ní orúkọ olùrà, láti kọ Fọ́ọ̀mù 1C, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó sì búra sí i, láti san owó tí ìjọba bá bù lé e, kí ó sì gba rìsíìtì, láti dáhùn ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́ àti láti gba lẹ́tà wọn, láti gba ìwé náà nígbà tí a bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tán. Ó fi gbólóhùn kan sí i pé aṣojú kò ní àṣẹ láti ta ilẹ̀ náà, láti yáni, tàbí láti fi ṣe ìdúró fún gbèsè. Ẹ̀gbọ́n wo gbólóhùn yìí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń fura sí òun. Agbẹjọ́rò rí i, ó sì ṣàlàyé fún un pé ẹ̀gbọ́n gan-an ni gbólóhùn náà ń dáàbò bò. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹlòmíràn fi ìwé èké ta ilẹ̀ náà, kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ pé ẹ̀gbọ́n ni ó tà á. Àlàyé náà tọ́.

Agbẹjọ́rò fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí ọ̀pọ̀ ìbá gbàgbé. Pásípọ́ọ̀tì àbúrò gbé orúkọ ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ baba rẹ̀ ni ó wà lórí rìsíìtì tí ẹni tí ó ta ilẹ̀ kọ, nítorí orúkọ tí gbogbo Ìkòròdú mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Lójú ẹbí, ẹnìkan náà ni. Lójú òṣìṣẹ́ tí kò rí i rí, ènìyàn méjì ni wọ́n. Nítorí náà ni agbẹjọ́rò fi kọ ọ́ sínú ìwé aṣojú pé ẹni tí ń jẹ́ orúkọ báyìí, tí a ti ń fi orúkọ báyìí pè tẹ́lẹ̀, ni ó ń yan aṣojú. Ó sì ní kí àbúrò fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, orúkọ kan ni wọ́n ń kọ sórí gbogbo ìwé, lẹ́tà kò gbọdọ̀ yẹ̀, nítorí "h" kan tí ó sọnù nínú orúkọ ti tó láti dá ìwé padà.

Wàyí o, níbo ni àbúrò yóò ti fọwọ́ sí i? Kì í ṣe lórí tábìlì oúnjẹ ní ilé rẹ̀. Abala 150 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ irú ìwé aṣojú tí ilé ẹjọ́ Nàìjíríà yóò gbà bí òdodo títí ẹnìkan yóò fi fi ẹ̀rí tako o: èyí tí a fọwọ́ sí níwájú nọ́tárì, tàbí ilé ẹjọ́, tàbí adájọ́, tàbí májísíréètì, tàbí kọ́ńsù tàbí aṣojú orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ẹni náà sì jẹ́rìí sí i. Èyí ni ó fà á tí àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ fi kọ́kọ́ ń wo ojú ìwé ìkẹyìn. Èdìdì nọ́tárì ni wọ́n ń wá.

Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Bìrìtéènì a máa gbé ìwé wọn lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò àdúgbò, wọn a sì rò pé ó ti tán. Kò tíì tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe gbogbo agbẹjọ́rò ni nọ́tárì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ilé ẹjọ́ àtijọ́ kan tí ó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Kántábérì ni ó sì ń yan àwọn tí ń ṣe é títí di òní. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ni ó ń yan nọ́tárì láàárín àwọn agbẹjọ́rò. Àbúrò mú pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ àti ìwé tí ó fi ibi tí ó ń gbé hàn lọ sọ́dọ̀ nọ́tárì, kò sì tíì fọwọ́ sí ohunkóhun. Ìdí ni pé nọ́tárì kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀. Nọ́tárì wo ojú rẹ̀, ó wo àwòrán inú pásípọ́ọ̀tì, ó bi í léèrè bóyá ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà, àti bóyá ẹnikẹ́ni ń fi ipá mú un. Ìgbà náà ni àbúrò tó fọwọ́ sí i, tí nọ́tárì sì fi ìwé ẹ̀rí àti èdìdì tirẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn ọ́fíìsì kan a tún máa béèrè pé kí ìwé náà gba ọ̀nà gígùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ti ìjọba Bìrìtéènì jẹ́rìí pé nọ́tárì náà jẹ́ nọ́tárì lóòótọ́, kí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé e. Èyí ń gba ọjọ́, ó sì ń gba owó. Nítorí náà kí ẹni tí ó wà nílé kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì tí yóò gba ìwé náà bóyá èdìdì nọ́tárì tó wọn, kí àbúrò tó lọ, kí ó má baà di pé ìwé yóò tún kọjá òkun padà nítorí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìfi bò. Àwọn kan wà tí yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n pé, "Bàbá, kí ni ẹ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ jẹ́ kí a fọwọ́ sí i níbí ní orúkọ wọn, kí a sì gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n bá wa lu òǹtẹ̀." Ayédèrú ni èyí, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ó sì rọrùn láti mú: òṣìṣẹ́ yóò fi ọwọ́ tí a fi sí ìwé wé èyí tí ó wà nínú pásípọ́ọ̀tì. Bí ìwé bá sọ pé a fọwọ́ sí i ní Ìkẹjà ní ọjọ́ kan, tí pásípọ́ọ̀tì sì fi hàn pé onítọ̀hún kò sí ní Nàìjíríà ní ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Kódà bí ó bá yọ́ kọjá ní Aláùsá, ìwé tí ó wà lórí ayédèrú yóò ṣubú ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbé àbúrò lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ilẹ̀ náà.

Nígbà tí ìwé tòótọ́ dé, ẹ̀gbọ́n rò pé fọ́ọ̀mù ni ó kàn. Ohun kan ṣì kù. Ìwé aṣojú tí a ó fi fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ jẹ́ ìwé tí a gbọdọ̀ forúkọ òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ níbi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀, a sì gbọdọ̀ san owó òǹtẹ̀ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé ilẹ̀ yóò fi wà. Bí ẹnìkan bá wò ó ní ogún ọdún sí i, tí ó rí i pé ẹ̀gbọ́n ni ó fọwọ́ sí i ní ipò àbúrò, yóò fẹ́ rí àṣẹ tí ẹ̀gbọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, inú ìwé ìjọba ni yóò sì ti wá a. Ojúlówó ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà tí a jẹ́rìí sí. Ẹni tí ó bá fi ojúlówó kan ṣoṣo sílẹ̀ láìgba ìwé pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá wàhálà.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù gan-an. Ibí yìí ni àṣìṣe tí ó burú jù lọ wà, àṣìṣe tí a ń ṣe pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó mú bírò, ó rí ibi tí a kọ ọ́ sí pé kí a kọ orúkọ ẹni tí a ń gbé ilẹ̀ fún. Òun ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó ń kọ ọ́, òun ni yóò fọwọ́ sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ó bá kọ ọ́, tí ó lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ọn, tí òṣìṣẹ́ kò sì kíyè sí i, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni yóò wọ ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò ní jẹ àbúrò rẹ̀ níyà. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò ní wà láyé títí. Lọ́jọ́ tí ó bá papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣí àpótí, wọn yóò rí ìwé ilẹ̀ tí orúkọ baba wọn wà lórí rẹ̀, kí ni kí wọ́n rò? Nígbà náà ni àbúrò yóò tó mọ̀ pé òun ni yóò máa wá ẹlẹ́rìí kiri lórí ilẹ̀ tí òun fi owó iṣẹ́ òru rà.

Orúkọ àbúrò ni a óò kọ sí àyè onílẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan, àti fọ́tò rẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ó kọ, a sì lè fi ti ẹ̀gbọ́n sí i gẹ́gẹ́ bí ibi tí lẹ́tà yóò dé. Ní àyè ìfọwọ́sí ni ẹ̀gbọ́n ti ń yọjú fún ìgbà àkọ́kọ́. A óò kọ orúkọ àbúrò, a óò kọ ọ́ sí i pé "nípa ọwọ́ aṣojú rẹ̀," lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n yóò kọ orúkọ ara rẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i bí ó ti máa ń fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ dọ́gbọ́n fara wé ìfọwọ́sí àbúrò rẹ̀. A óò kọ ọjọ́ tí ìwé aṣojú náà ní, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bákan náà ni a ó ṣe lórí ìwé ìtalẹ̀. Ní ti ìbúra, ẹ̀gbọ́n yóò búra gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀, pé òun ni aṣojú, pé òun mọ ohun tí òun ń sọ. Ẹnìkan kò lè fi ẹnu ẹlòmíràn búra. Nítorí náà bí ó bá wà nínú fọ́ọ̀mù ohun kan tí kò mọ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́, kí ó má ṣe méfò.

Ìwé owó orí tún máa ń dá ènìyàn dúró. Wọ́n ń béèrè ẹ̀rí owó orí lọ́wọ́ olùtà àti olùrà. Ẹ̀gbọ́n mú tirẹ̀ lọ, wọ́n sì dá a padà, nítorí kì í ṣe òun ni olùrà. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà yóò béèrè níbi iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ náà irú ìwé tí wọ́n ń fún irú òun, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà ní kùtùkùtù, nítorí ó lè pẹ́ ju gbogbo ìwé yòókù lọ. Ní ti owó tí a óò san fún ìyọ̀ǹda, iye tí ìjọba bá gbà pé ilẹ̀ náà tó ni wọ́n ń bu owó lé, kì í ṣe iye tí ó wà lórí rìsíìtì. Kí àbúrò má ṣe yà nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá pè é pé owó náà ju bí wọ́n ti rò lọ. Báńkì ni a ti ń san án, rìsíìtì ìjọba ni a sì ń gbà fún un. Ẹni tí ó bá ní kí a ko owó fún òun lọ́wọ́ kò sọ ohun tí òfin sọ. Fọ́tò rìsíìtì kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ tí ó gbà á. "Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá mi," ni àbúrò fi dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, "ẹ kú wàhálà mi." Ìwà kékeré yìí ti pa ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí lẹ́nu kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ tí a yá kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí ẹni tí ó yá a bá kú. Bí àbúrò bá fi ayé sílẹ̀ kí ìwé tó parí, àní bí ó tilẹ̀ ku ìfọwọ́sí kan ṣoṣo, irú ìwé aṣojú báyìí ti kú pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n tí ó bá mọ̀ tí ó sì tún fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù bí aṣojú, irọ́ ni ó kọ. Ọ̀nà tí ó kù nígbà náà ni kí àwọn tí ó ni ogún lọ sí ẹ̀ka ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga láti gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso dúkìá olóògbé, kí àwọn tí orúkọ wọn bá sì wà nínú ìwé náà máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí ni ó fà á tí òṣìṣẹ́ fi lè béèrè, bí ọjọ́ orí ìwé aṣojú bá ti pẹ́, pé "Bàbá, ṣé ẹni tí ó yàn yín ṣì wà?" Kì í ṣe èpè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò lè gba ọwọ́ rẹ̀ padà nígbà tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe rò pé ìpè lórí fóònù tó. Níwọ̀n bí ìwé aṣojú ti wà nínú ìwé ìjọba, ìwé ìfagilé onédìdì ni yóò ṣe, yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi kan náà, yóò sì fi tó aṣojú àti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò létí ní kíkọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ lè máa bá aṣojú náà lò gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣì ní àṣẹ.

Nígbà tí ìyọ̀ǹda jáde, tí a sì ti forúkọ ìwé ìtalẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n lọ gbà á. Ó fọwọ́ sí ìwé ìgbà gẹ́gẹ́ bí aṣojú, ó sì dúró níbẹ̀ ka ìwé náà kí ó tó kúrò lórí tábìlì: orúkọ àbúrò, nọ́ńbà àwòrán ilẹ̀, òǹtẹ̀ ìyọ̀ǹda, nọ́ńbà ìwé, ojú ewé àti ìdìpọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́tà kan ti yẹ̀ nínú orúkọ. Ó fi han òṣìṣẹ́, wọ́n gbà á padà láti tún un ṣe, ó sì padà wá gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi ẹ̀dà sí ọwọ́ agbẹjọ́rò, ó fún ẹni tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí àbúrò mọ̀ dáadáa ní ojúlówó, àbúrò sì kọ ìwé ìfagilé, nítorí iṣẹ́ tí ó yá ọwọ́ fún ti parí.